Kí ló dé tí *run* fi ní ìtumọ̀ rẹpẹtẹ, báwo la sì ṣe ń mú ẹyọ kan níbẹ̀?

Nígbàkígbà tí ìdìbò gómìnà bá ti ń sún mọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, gbólóhùn kan kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì: lágbájá fẹ́ *run for governor*. Ẹni tó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kékeré, tó rí i pé *run* ni sá tàbí sáré, tó tún rí i pé *for* ni fún, á so méjèèjì pọ̀, á ní ẹni náà fẹ́ sá fún gómìnà. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó jẹ gbèsè ló ń sá fún olówó. Ẹni tó jáde wá dupò ti di ẹni tó ń fara pamọ́ fún ìjọba.

Ẹlòmíì á ní ìwé kékeré ló fa àṣìṣe náà, á wá gbé díkíṣọ́nárì ńlá. Ìgbà náà gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà lórí nọ́ńbà ló máa bá lábẹ́ *run*, láti òkè ojú ewé dé ìsàlẹ̀, kò sì ní mọ èyí tí òun máa mú. Ọ̀pọ̀ máa ń mú nọ́ńbà kìíní, torí pé òun ló ṣáájú. Àwọn mìíràn á ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á sú wọn, wọ́n á pa ìwé dé.

Kò yẹ kó sú èèyàn. Ọ̀nà wà tí a ń gbà mú ẹyọ kan láàárín wọn, kò sì gba kí a ka gbogbo wọn tán.

Kí ni à ń pè ní ìtumọ̀ kan?

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ìtumọ̀ kan jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn elédè ń gbà lo ọ̀rọ̀, tí àwọn tó ṣe díkíṣọ́nárì sì fún ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 40, ohun tó ń sọ ni pé wọ́n rí ọ̀nà ìlò 40 tó yàtọ̀ síra tó láti dá dúró.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn wà tí a máa lò títí dé òpin. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olùwà ni ẹni tàbí ohun tó wà ṣáájú rẹ̀, tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀. Àbọ̀ ni ẹni tàbí ohun tó tẹ̀ lé e gbọnrangandan. Nínú "Adé pa ewúrẹ́", Adé ni olùwà, pa ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ewúrẹ́ sì ni àbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí pa yẹn díẹ̀, torí pé òun ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ *run* yé wa kíákíá. À ń pa ewúrẹ́, à ń pa iná, à ń pa irọ́, à ń pa àlọ́, à ń pa owó, à sì ń pa ilẹ̀kùn dé. Ẹni tó pa iná kò gbé ọ̀bẹ sí nǹkan kan lọ́rùn. Ẹni tó pa owó kò ba owó jẹ́, ṣe ló rí i. Kò sí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ tí èyí ń dà láàmú, nítorí etí rẹ̀ kì í dúró lórí pa nìkan. Ó máa ń gbọ́ àbọ̀ tó tẹ̀ lé e, àbọ̀ náà ló sì ń sọ irú pa tó jẹ́. Tí a bá ní kó to gbogbo ìtumọ̀ pa sílẹ̀, kò ní lè to ju mélòó kan lọ. Síbẹ̀ kò ní ṣi èyíkéyìí mú tó bá gbọ́ ọ nínú gbólóhùn.

Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lo *run* náà nìyẹn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé a kò bí ọ̀pọ̀ wa sínú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà a ní láti mọ̀ọ́mọ̀ wo ibi tí etí ẹni tí a bí sínú rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀.

Ibo ni gbogbo wọn ti wá?

Kò sẹ́ni tó jókòó pín ìtumọ̀ fún *run*. Ṣe ló dà bí agboolé àtijọ́: bàbá ńlá kọ́ yàrá méjì, àwọn ọmọ fà á gùn, àwọn ọmọ-ọmọ tún gba ẹ̀yìn yọ, títí tí àlejò kò fi lè mọ yàrá tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́.

Yàrá méjì yẹn la mọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n ń sọ kó tó di nǹkan bí ọdún 1100, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló jọra. Ọ̀kan ni *rinnan*, tí wọ́n ń lò fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré, tí wọ́n sì tún ń lò fún omi àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Èkejì ni *ærnan*, tí wọ́n ń lò nígbà tí èèyàn bá mú nǹkan mìíràn sáré, bíi kó gun ẹṣin eré. Àwọn ará Nọ́wè àti Dẹ́ńmáàkì tó wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún mú ọ̀rọ̀ tiwọn tó jọ ọ́ wá. Nígbà tó pẹ́, gbogbo wọn yọ́ pọ̀ di *run* kan ṣoṣo.

Ohun méjì ló jáde láti inú ìyẹn. Àkọ́kọ́, kì í ṣe àkànlò èdè òde òní ni kí omi *run*. Ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní ẹsẹ̀ kankan nínú. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń wá ìtumọ̀: *run* kan náà ló wà fún ohun tó ń sáré fúnra rẹ̀ àti fún ẹni tó mú un sáré. Ní Yorùbá, a máa ń fi nǹkan kún un. A ó ní ẹṣin sáré, a ó sì ní ó mú ẹṣin sáré. Gẹ̀ẹ́sì kò fi ohunkóhun kún un, ṣe ló kàn gbé àbọ̀ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe náà. *The horse runs* àti *he runs the horse*. Bí àbọ̀ bá ti lè wọlé báyìí, ohunkóhun tí èèyàn bá lè mú ṣiṣẹ́ á wọlé tẹ̀ lé e: ẹ̀rọ, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé, ìpínlẹ̀ odindi.

Ọ̀nà tí ìtumọ̀ fi ń pọ̀ sí i ni pé ohun kan máa ń já bọ́ nínú ti àtijọ́, ìyókù á sì dúró. Ẹ fọkàn bá a lọ. Ẹni tó ń sáré ní ẹsẹ̀, ó ń kúrò lójú kan, ó ń lọ láìdúró, ó sì ní ibi tó dorí kọ. Mú ẹsẹ̀ kúrò, ó ku omi: Odò Àlá *runs* gba àárín Àkúrẹ́ kọjá. Mú kíkúrò lójú kan kúrò, ó ku ẹ̀rọ tó dúró síbi kan ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ń yí: ẹ̀rọ ìlọta *is running*. Mú ìrìn fúnra rẹ̀ kúrò pátápátá, ó ku ohun gígùn tó kàn nà lọ: ọ̀nà *runs from Akure to Ondo*. Ọ̀nà náà kò lọ síbì kankan, ojú wa ló ń tẹ̀ lé e. Mú ilẹ̀ kúrò, kí o fi àkókò rọ́pò rẹ̀, àdéhùn *runs* fún ọdún 2. Ohun tó dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni lílọ láìdúró láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Ìgbà tí ẹ̀rọ dé ni ó wá gbilẹ̀ gidi. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń mú ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin, iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló ń lọ láìdúró, kò sì sí ọ̀rọ̀ kúkúrú kan nílẹ̀ tó bá wọn mu tó *run*. Dípò kí àwọn elédè máa dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti wà lẹ́nu wọn ni wọ́n fà gùn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí à ń lò lójoojúmọ́ ni ìtumọ̀ wọn ń pọ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn tí àwọn dókítà nìkan ń pè kì í rí ẹni fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Mélòó ni wọ́n gan-an?

Ó dá lórí ẹni tó kà wọ́n. Díkíṣọ́nárì Oxford ńlá, èyí tó fẹ́ kọ ìtàn gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka 645 fún *run* tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Peter Gilliver, ọ̀kan lára àwọn olóòtú ibẹ̀, ló ṣe é, oṣù 9 ló sì gbà á. Nínú àtẹ̀jáde ọdún 1989, *set* ló ń jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn, òun ló gùn jù níbẹ̀. Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń fún àwọn onídíkíṣọ́nárì ní wàhálà. Samuel Johnson, tó gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1755, ti ráhùn nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ nípa irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dárúkọ *run* mọ́ wọn.

Díkíṣọ́nárì tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í sún mọ́ 645 rárá. Kì í ṣe pé ó fi òtítọ́ pamọ́. Ti Oxford ńlá ka àwọn ìtumọ̀ tó ti kú, tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Ó tún ka *run* pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń so mọ́ ọn. Ti akẹ́kọ̀ọ́ kó ìyàtọ̀ tín-ín-rín pọ̀ sábẹ́ nọ́ńbà kan, ó sì fi òkú sílẹ̀. Fún lẹ́tà, fún ìwé ìròyìn, fún ìdánwò WAEC, ti akẹ́kọ̀ọ́ ló dára jù. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó máa fi ti ìtàn ka ìwé ojoojúmọ́.

Ìdí kan tún wà. Nínú ti ìtàn, nọ́ńbà kìíní ni èyí tó pẹ́ jù láyé. Nínú ti akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí wọ́n ń lò jù ló sábà máa ń ṣáájú. Kò síbi kankan tí nọ́ńbà kìíní ti túmọ̀ sí "èyí tó tọ̀nà".

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìtumọ̀ kan ti di méjì? Ọgbọ́n kan wà tí ẹnikẹ́ni lè dán wò. So àbọ̀ méjì mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan, kí o sì fetí sí i. "Ó pa ewúrẹ́ àti adìyẹ" lọ geere. "Ó pa ewúrẹ́ àti irọ́" kò lọ, ó ń kọ́ etí. Ibi tó ti kọ́ yẹn ni ìtumọ̀ ti pín. Bákan náà, *he runs a shop and a school* dára, àbójútó ni méjèèjì. *He runs a shop and a fever* kò dára rárá, torí pé àbójútó ni ti ìṣáájú, ibà sì ni ti ẹ̀yìn: ara rẹ̀ ń gbóná.

Ibo ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ?

Má tíì ṣí ìwé. Gbólóhùn tí *run* wà nínú rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò, ohun mẹ́rin ló sì yẹ kó o wá níbẹ̀. Bí o bá wá wọn tẹ̀ léra wọn báyìí, ọ̀pọ̀ nọ́ńbà á ti jáde lọ kí o tó ṣí ìwé.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe ni àbí ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí *a* tàbí *the* bá wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ ni, apá tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ nínú díkíṣọ́nárì, lẹ́yìn tàbí ṣáájú ti ọ̀rọ̀-ìṣe. Rántí pé *ran* àti *running* kò ní apá tiwọn fún ìwádìí yìí, abẹ́ *run* náà ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn èyí, wo ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e: *out, up, into, over, down, off, away*. Bí ọ̀kan bá so mọ́ ọn di ohun kan, má yọ ara rẹ lẹ́nu pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà òkè. Lọ sí ìparí ọ̀rọ̀ náà, níbi tí díkíṣọ́nárì Oxford ti akẹ́kọ̀ọ́ kọ PHR V sí. Ibẹ̀ ni wọ́n to gbogbo wọn sí bí álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ṣe tẹ̀ léra, a, b, c. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: èèyàn á wá *run out of fuel* láàárín àwọn nọ́ńbà títí á fi rẹ̀ ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló wà, tí ó sì túmọ̀ sí kí epo tán mọ́ni lọ́wọ́. Àkànlò èdè gígùn wà lábẹ́ IDM, nítòsí ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ṣé àbọ̀ wà? Díkíṣọ́nárì máa ń kọ [T] síwájú ìtumọ̀ tó ń gba àbọ̀, [I] síwájú èyí tí kò gba àbọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo yìí máa ń dá iye tó pọ̀ nínú nọ́ńbà padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ *is run* àti *was run*. Nínú *the shop is run by two sisters*, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú bí olùwà, àmọ́ òun kọ́ ló ṣe nǹkan kan. Àbọ̀ ni, wọ́n kàn gbé e wá síwájú ni. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ni wọ́n ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù náà, [T] sì ni kó o wò.

Ẹ̀kẹrin, irú nǹkan wo ni olùwà, irú nǹkan wo sì ni àbọ̀? Èèyàn ni àbí omi, ẹ̀rọ ni àbí ilé iṣẹ́, ohun gígùn ni àbí àkókò, àwọ̀ aṣọ ni àbí ìròyìn? Èyí ló ń ya àwọn tó bá kù sọ́tọ̀. Dókítà *runs a test*: ó ń ṣe àyẹ̀wò. Dókítà *runs a clinic*: ó ń bójú tó o. Dókítà kan náà ni, àbọ̀ ló yí padà.

Ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù kan, *run* mẹ́rin

Irú ìwé tí onílé ń fún ẹni tó fẹ́ háyà ṣọ́ọ̀bù nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ dára fún èyí, torí pé owó wà nínú kí èèyàn ṣì í kà. Ẹ jẹ́ ká ní ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

> The tenancy shall run for two years. The tenant shall not run a generator after 10 p.m. Cables shall not run across the passage. The tenant shall not run up any electricity debt.

Gbólóhùn kìíní. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni, torí *shall* ló ṣáájú rẹ̀. Kò sí àbọ̀, *for two years* ló tẹ̀ lé e, nítorí náà [I] là ń wá. Olùwà ni *tenancy*, ìháyà, ohun tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò ní ẹ̀rọ, tó kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ìtumọ̀ tó bá a mu ni èyí tó sọ pé kí nǹkan wà lẹ́nu iṣẹ́ fún àkókò kan. Fi sínú gbólóhùn kó o wò ó: ìháyà yìí yóò wà fún ọdún 2. Ó wọlé.

Gbólóhùn kejì ní àbọ̀, *a generator*. [T] ni. Lábẹ́ [T], ìtumọ̀ méjì ló máa kọ́kọ́ fa ojú rẹ: bíbójú tó iṣẹ́ òwò, àti mímú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ni jẹnẹrétọ̀, èkejì la mú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí, torí pé ó ku bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ohun tó máa wá sí ẹnu ni pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn agogo 10 alẹ́. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ẹni tó tan tirẹ̀ ní agogo 9 ààbọ̀, tó fi sílẹ̀ di òru, lè jókòó pé òun kò rú òfin, òun kò tan nǹkan kan lẹ́yìn agogo 10. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ kò gbà fún un. *Run* kò sọ títàn nìkan, ó sọ gbogbo àkókò tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tó pé ni: kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn agogo 10 alẹ́. Lílọ láìdúró tí a rí nínú omi àti nínú ẹsẹ̀ ló tún yọjú níbí, òun sì ni títàn kò gbé.

Nínú gbólóhùn kẹta, *cables* ni olùwà, kò sí àbọ̀. Wáyà jẹ́ ohun gígùn tó dùbúlẹ̀, kò rìn. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọ̀nà, fún ògiri àti fún odi ni. Wáyà kò gbọ́dọ̀ dábùú ọ̀nà àbákọjá. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí pé iná mànàmáná kò gbọ́dọ̀ gba inú wáyà náà kọjá ti ṣìnà, torí pé *across the passage* ń sọ ibi tí wáyà nà dé, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìkẹrin ni èyí tí ọ̀rọ̀ kékeré so mọ́. *Run up* ti dúró fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀, kò sì ní òkè gígùn nínú nígbà tó bá bá gbèsè rìn: ó jẹ́ kí gbèsè máa gorí ara wọn. Ayálégbé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gbèsè iná jọ sílẹ̀. Kíyè sí i pé *run up the stairs* kì í ṣe èyí. Ẹsẹ̀ ló wà nínú ìyẹn, *up* sì dúró gẹ́gẹ́ bí òkè lásán. Àbọ̀ ló tún jẹ́ ká mọ̀: àtẹ̀gùn ni àbí gbèsè.

Kí ló wá dé bá *run for*?

Òun ló ń dà ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù, nítorí pé *for* fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ohun tó bá tẹ̀ lé *for* ni kó o bi léèrè.

Bí ó bá jẹ́ àkókò ló tẹ̀ lé e, bíi *for two years*, wíwà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí àìdáwọ́dúró ni. Bí ó bá jẹ́ ohun tí èèyàn fẹ́ bá, bíi *for the bus*, eré ẹsẹ̀ gidi ni: ó ń sáré kí ọkọ̀ má fi í sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ipò, bíi *for governor*, *for chairman*, *for the Senate*, dídíje ni: ó fẹ́ dupò gómìnà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lò ó jù, àwọn ará Bìrìtìkó sábà máa ń lo *stand* níbẹ̀, díkíṣọ́nárì sì máa ń kọ àmì sí i láti sọ bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ náà ni *running mate* ti wá, ẹni tí olùdíje mú gẹ́gẹ́ bí igbákejì tí wọ́n jọ dupò. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń sáré.

Àmì kékeré kan tún wà tó dára kí ojú mọ̀. *For governor* kò ní *the*. Orúkọ ipò ni, kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin kan tó jókòó lórí àga. Bí ẹnì kan bá kọ *he ran for the governor*, òǹkàwé máa dúró díẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó sáré lọ pe gómìnà wá ni.

Kí la ó ṣe tí méjì bá ṣì kù?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. *The driver ran over the boxes* àti *the teacher ran over the main points* jọ ara wọn délẹ̀, àbọ̀ wà nínú méjèèjì, *over* wà nínú méjèèjì. Ọkọ̀ gun àwọn àpótí kọjá. Olùkọ́ tún kókó ọ̀rọ̀ sọ ní ṣókí. Ibi tí àbọ̀ ti jẹ́ ohun tí a lè fọwọ́ kàn àti ibi tó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ti pínyà. Bí ìyẹn kò bá tó, ka àpẹẹrẹ tó wà lábẹ́ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan kí o tó ka ìtumọ̀ gan-an. Àpẹẹrẹ tí olùwà àti àbọ̀ rẹ̀ bá jọ tìrẹ ló ni nọ́ńbà náà. Ní tèmi, àpẹẹrẹ wọ̀nyẹn wúlò ju àlàyé tó wà níwájú wọn lọ, ó sì ń dùn mí pé ojú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò wọ́n.

Wo àmì tó wà níwájú ìtumọ̀ pẹ̀lú. Bí díkíṣọ́nárì bá kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà ló kàn, kò ní bá ìwé ilé ìwòsàn mu. Fún aṣọ, *the colours may run* lórí bébà tí wọ́n rán mọ́ ọn ń kìlọ̀ pé aró rẹ̀ lè ṣí tí a bá fọ̀ ọ́, kó sì ràn mọ́ aṣọ mìíràn. Ẹni tó mú nọ́ńbà kìíní kò ní rí ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀ títí aṣọ funfun rẹ̀ á fi yí àwọ̀.

Ó sì lè jẹ́ pé kò sí nọ́ńbà tó wọlé rárá. Nígbà náà, bi ara rẹ bóyá Gẹ̀ẹ́sì ti àwa ará Nàìjíríà ni. *Runs* tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè, tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ lọ ṣe *runs* kan ní Oǹdó, túmọ̀ sí kòókòó-jàn-án-jàn-án owó tàbí àbùjá kan, ọ̀pọ̀ díkíṣọ́nárì tí wọ́n ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní in báyìí. Èyí tí wọ́n ní, tí *the* ṣáájú rẹ̀, ni *the runs*, ó sì túmọ̀ sí ìgbẹ́ gbuuru. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ lókè òkun pé òun ní nǹkan díẹ̀ láti sáré ṣe kí òun tó wọ iṣẹ́, kó lo *errands*.